Egbò Aláwọ̀ Oyin Lójú Ọmọ: Ìpara ni àbí Oògùn Mímu?

Egbò kan wà tó fẹ́ràn ojú ọmọ ilé ìwé. Abẹ́ imú tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan wẹ́wẹ́ kan á kọ́kọ́ sú níbẹ̀, á di ìléròrò, ìléròrò náà á bẹ́ kí òbí tó ráyè wò ó dáadáa, omi inú rẹ̀ á sun jáde, á sì gbẹ di èépá aláwọ̀ oyin tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ ara. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, àmọ́ ó ń yún. Ọmọ á họ ọ́. Kó tó pẹ́, òmíràn ti yọ sẹ́bàá etí, òmíràn ti wà lápá. Àwọn dókítà ń pè é ní ìmpẹtígò. Àwọn ìyá àgbà sábà máa ń kà á mọ́ èélá, pẹ̀lú oríṣiríṣi nǹkan mìíràn tó ń sú sí ọmọdé lára.

Nílé kẹ́míìsì, ìbéèrè kan náà ni òbí máa ń bi ẹni tó ń ta oògùn: ṣé ìpara ni kí n rà ni, àbí síróòpù? Èsì tí wọ́n sì sábà máa ń gbà ni pé kí wọ́n ra méjèèjì, kó lè tètè lọ. Èsì yẹn dùn mọ́ ẹni tó ń tajà, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ìpara kì í ṣe àbúrò oògùn mímu. Ohun tó ń pinnu èyí tó yẹ ọmọ ni ibi tí kòkòrò àrùn náà wà nínú awọ, iye egbò tó wà lára, àti bí ara ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe rí.

Kòkòrò bakitéríà méjì ló ń fa ìmpẹtígò. Ọ̀kan ni sitafilokọ́kọ́sì, èkejì ni sitẹrẹputokọ́kọ́sì. Nígbà mìíràn, wọ́n á jọ wà nínú egbò kan náà. Mo mọ̀ pé orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí àwọn tó ń ta àgbo nínú ọkọ̀ àti ní gáréèjì ti sọ ọ́ di àrùn ojú ara tí kì í jẹ́ kí èèyàn bímọ. Ẹ gbàgbé ìyẹn. Nínú èèyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́ta ló ń gbé sitafilokọ́kọ́sì kiri nínú imú láìmọ̀, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ìgbà tó bá rí ojú ọgbẹ́ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: ibi tí ẹ̀fọn jẹ, orókún tí ọmọ fi ṣubú ní pápá, abẹ́ imú tí ọ̀fìnkìn àti nínu rẹ̀ ṣáá ti jẹ bó. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ imú fi jẹ́ ojú ibi tó fẹ́ràn jù.

Tó bá wọlé tán, kì í lọ jìnnà. Awọ ara wa ní ìpele. Ìpele òkè pátápátá fẹ́lẹ́, kò sì sí iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò ìmpẹtígò ń jẹ mọ, òun ló fà á tí egbò yìí fi sábà máa ń jiná láìfi àpá sílẹ̀. Òun náà ló jẹ́ kí ìpara lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ìpara ra ojú egbò ti ká kòkòrò mọ́ ibi tó wà. Oògùn mímu ní tirẹ̀ ní láti gba inú ikùn kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, kó yí gbogbo ara po, kí díẹ̀ nínú rẹ̀ tó sun dé òkè awọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí 68 jọ lọ́dún 2012 láti fi àwọn oògùn ìmpẹtígò wéra, ohun tí wọ́n rí ni pé bí egbò kò bá pọ̀, ìpara mupirósìn àti ìpara fusídíkì ásíìdì ṣiṣẹ́ tó oògùn mímu, ó kéré tán. Ìpara kì í sì í fa ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì fún ọmọ.

Kí n tó dé orí bí a ṣe ń lò wọ́n, ó yẹ kí òbí lè dá egbò yìí mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlera ló ń sọ pé ojú ibẹ̀ á pọ́n. Lára ọmọ tó dúdú, pípọ́n yẹn kì í hàn. Ohun tí ẹ máa rí ni pé ibẹ̀ á dúdú ju ara yòókù lọ, tàbí kó fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò. Èépá ni kí ẹ wò. Ẹ má sì fi í pe làpálàpá: làpálàpá máa ń yí bíríkítí, etí rẹ̀ á ga, àárín rẹ̀ á máa mọ́, á sì gbẹ. Díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tóbi. Ìmpẹtígò máa ń rin, ó ń lẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ló sì fi ń tàn. Tó bá jiná, ojú ibẹ̀ á ṣì funfun díẹ̀ tàbí kó dúdú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún oṣù. Ìyẹn kì í ṣe àrùn mọ́. Awọ ibẹ̀ kàn ń wá àwọ̀ rẹ̀ padà ni, kò sí ìpara kankan tí ẹ ní láti máa fi pa á.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọkùnrin ni, ọmọ ọdún méje, ó wà ní kíláàsì kejì nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, ó sì wọn kílò 20. Egbò mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ imú, méjì lágbọ̀n. Kò ní ibà, ó ń jẹun, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Òun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan.

Ìpara nìkan ló kan ọmọ yìí. Ọ̀pọ̀ dókítà á ní bí egbò kò bá ju mẹ́rin-márùn-ún lọ, tó wà lójú kan, tí ara ọmọ kò sì gbóná, kò sí ohun tí oògùn mímu fẹ́ bá a wá. Kí wọ́n fún un ní mupirósìn tó jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí wọ́n máa ń kọ sára túùbù ní 2%. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Túùbù kékeré tó jẹ́ gíráàmù 15 tó egbò mẹ́ta, á tún ṣẹ́ kù.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi í ló máa ń bà á jẹ́. Èépá yẹn, kòkòrò wà lábẹ́ rẹ̀; ìpara tí a bá fi lé orí èépá gbígbẹ kò yàtọ̀ sí omi tí a dà sórí ewé kókò. Kí ìyá kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ara rẹ̀. Kó rẹ aṣọ funfun mímọ́ kan sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó fún un, kó sì fi lé orí egbò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èépá á rọ̀. Kó wá fi ọṣẹ àti omi nù ún kúrò jẹ́jẹ́. Èyí tí kò bá fẹ́ kúrò, kó fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn, kó má ya á débi tí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Kó fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kó fi ìpara tó ìwọ̀n ẹ̀wà kan ra egbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti etí wọn díẹ̀, kó sì tún ọwọ́ fọ̀. Aṣọ tó fi nu egbò, inú omi gbígbóná ni kó lọ tààrà, kó má bọ́ sórí ìjókòó tàbí sínú korobá ìfọṣọ gbogbo ilé.

Àwọn kan á ní àwọn á da Dẹ́tọ́ọ̀lù sí i. Kò sí ẹ̀rí tó dúró pé fífọ egbò ìmpẹtígò pẹ̀lú oògùn apakòkòrò olómi bẹ́ẹ̀ ń wò ó, bí a kò bá sì pò ó mọ́ omi, ńṣe ló máa jó awọ ọmọ. Ọṣẹ lásán tó.

Bí ìpara bá bá kòkòrò náà mu, ojú egbò á ti máa gbẹ ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, tuntun kò sì ní yọ mọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, awọ tuntun á ti bò ó tàbí kó kù díẹ̀. Bí egbò tuntun bá ń yọ lọ́jọ́ kẹta, tàbí tó ṣì ń rin lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ má ra túùbù kejì. Nǹkan kan wà níbẹ̀: ó lè jẹ́ pé kòkòrò náà kò gbọ́ oògùn yẹn mọ́, ó lè jẹ́ pé kì í ṣe ìmpẹtígò, ó sì lè jẹ́ pé àrùn mìíràn tó ń yún wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò tí kò gbọ́ oògùn yìí kì í ṣe àsọdùn. Láàárín ìparí àwọn ọdún 1990 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, irú sitafilokọ́kọ́sì kan tí fusídíkì ásíìdì kò ràn mọ́ tàn káàkiri lára àwọn ọmọdé ní àríwá Yúróòpù, títí kan Sùwídìn, Nọ́wè àti Bìrìtéènì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ń fi ìpara náà pa gbogbo nǹkan tó bá sú lára. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní Ìlú Ọba lọ́dún 2020 fi ìpara háídírójìn pẹrọ́ksáìdì 1% ṣáájú fún egbò tí kò pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ó ṣòro fún kòkòrò láti kọ́ bó ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò tiẹ̀ ní láti dúró de dókítà mọ́: láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, fámásísì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè wo ọmọ tó ti pé ọdún kan, kó sì fún un ní oògùn ìmpẹtígò. Àmọ́ o, ìpara ni mò ń sọ. Háídírójìn olómi inú ìgò tó wà ní kẹ́míìsì wa nílé le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fi í rọ́pò.

Ìpara méjì wà tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún. Àkọ́kọ́ ni ìpara alápòpọ̀ tí wọ́n ń tà fún gbogbo àrùn awọ, tó ní oògùn làpálàpá, oògùn kòkòrò àti sìtẹ́róọ̀dù nínú. Sìtẹ́róọ̀dù yìí máa ń pa ìyún lójú ẹsẹ̀, ojú egbò á sì dà bí ẹni pé ó ti ń lọ, nígbà tó jẹ́ pé agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà níbẹ̀ ló pa. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, egbò á padà, á tún tóbi sí i. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí: bí ẹ bá rí bẹtamẹtasóònù tàbí kilobẹtasọ́ọ̀lù, kì í ṣe ti ìmpẹtígò. Èkejì kì í tilẹ̀ í ṣe ìpara gan-an: ẹ̀lẹ́bú inú kápúsù, tẹtirasáíkílíìnì tàbí ampikilọ́kìsì, tí wọ́n ń tú dà sójú egbò. Ẹ̀lẹ́bú yẹn á pò mọ́ omi egbò, á di èépá mìíràn lórí èépá, ìwọ̀nba tó bá sì wọlé kì í tó pa kòkòrò, ó kàn ń kọ́ ọ bó ṣe máa le sí i ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wa n'Ìbàdàn, ká wá ní ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn yọ. Wọ́n rò pé á lọ fúnra rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Egbò ti di méjìlá, ó wà lójú, lápá àti lórókún. Ara rẹ̀ gbóná lálẹ́, kókó ti sú sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, àbúrò rẹ̀ náà sì ti ní méjì lójú. Ibí yìí ni oògùn mímu ti wúlò. Kò sí ìyá tó fẹ́ fi ìpara ra egbò méjìlá lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ tí kò ní fo òmíràn. Ibà àti kókó ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá òkè awọ. Nígbà tó bá sì ti mú ju ọmọ kan lọ nínú ilé, oògùn mímu ń tètè pa kòkòrò lára gbogbo wọn kí wọ́n má bàa máa ran ara wọn padà.

Oríṣi ìmpẹtígò kan tún wà tó jẹ́ pé oògùn mímu ló kàn án láti ìbẹ̀rẹ̀: èyí tó ń yọ ìléròrò ńláńlá, tó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, tí omi pípọ́n rúsúrúsú wà nínú rẹ̀, ní àyà, ikùn tàbí ibi ìtẹ́dìí ọmọ. Sitafilokọ́kọ́sì ló ń tu májèlé kan tó ń tú ohun tó so awọ òkè mọ́ra. Bí ọmọ tuntun ló bá ní irú rẹ̀, ẹ má wá ìpara, ẹ má wá síróòpù, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Egbò ojúgun tó jìn, tí èépá rẹ̀ dúdú tó sì le, tí ihò wà lábẹ́ rẹ̀, oògùn mímu ló kan òun náà. Ìyẹn ti wọ ìpele kejì awọ, ó sì máa fi àpá sílẹ̀.

Ká ní dókítà kọ sẹfalẹ́sìn fún ọmọ wa. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń lò fún ọmọdé ni mílígíráàmù 25 sí 50 lórí kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, tí wọ́n á pín sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Kílò 20 á gba mílígíráàmù 500 sí 1,000 lójúmọ́. Bí dókítà bá mú ti òkè, ìyẹn jẹ́ 250 lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Síróòpù tí wọ́n kọ 250 nínú mílílítà 5 sí lára, ṣíbí oògùn kan ni lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: mílílítà 20 lójúmọ́, fún ọjọ́ méje, á jẹ́ 140. Ìgò kan kò sì ju 100 lọ. Yóò tán lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún. Egbò ti ń gbẹ nígbà yẹn, owó kò sí nílé, ìyá á ní ó ti tán, ọmọ ti gbádùn. Ọ̀nà tí oògùn ọlọ́jọ́ méje fi ń di ti ọjọ́ márùn-ún láìsí ẹni tó pinnu bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń ta oògùn, ẹ bi í pé ìgò mélòó ló máa tó ọjọ́ tí dókítà kọ. Ìlànà kan yan ọjọ́ márùn-ún fún irú oògùn mímu báyìí, òmíràn yan méje. Èyí tí dókítà yín bá kọ ni kí ẹ lò pé. Bí ìgò tí wọ́n fún yín bá sì jẹ́ 125 nínú mílílítà 5, ìlọ́po méjì ni ọmọ máa mu lẹ́ẹ̀kan. Ṣíbí inú páálí tàbí síríńjì aláìlábẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ṣíbí ìdáná kò ní ìwọ̀n.

Kì í ṣe gbogbo oògùn apakòkòrò ló ń ṣiṣẹ́ níbí. Amọksisílíìnì, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ ilé, kì í sábà ran sitafilokọ́kọ́sì, torí kòkòrò náà ní ohun tó fi ń fọ́ pẹnisílíìnì sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Fulukilọsasílíìnì àti kilọsasílíìnì ni wọ́n ṣe tí kò fi lè fọ́ wọn. Sẹ́ptírìn náà ní ipa tirẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014 nípa ọmọ 508 ní àríwá Ọsirélíà, níbi tí ìmpẹtígò ti pọ̀ gidi láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀, sẹ́ptírìn ọlọ́jọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ṣiṣẹ́ tó abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì, láìsí oró abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí oògùn onísọ́fà bá ti gbòdì lára rẹ̀ rí, tàbí tí wọ́n ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní àléébù G6PD, kò gbọdọ̀ mu ún. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ dá a rà.

Bí oògùn mímu bá ti wà, ìpara apakòkòrò kò tún pọn dandan mọ́. Lílo méjèèjì pọ̀ kì í mú egbò yára jiná, owó ló ń gbà, ó sì ń fún kòkòrò láǹfààní láti mọ oògùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá ku ilé. Oògùn tó dára jù lọ lágbàáyé kò ní ran ọmọ wa lọ́wọ́ bí òun àti àwọn yòókù bá ṣì ń fi kàn-ìn-kàn-ìn kan ṣoṣo wẹ̀. Ẹ wo ohun náà dáadáa: kì í gbẹ, inú rẹ̀ kún fún ihò, ó ń họ awọ díẹ̀ bó ṣe ń fọ̀ ọ́, ó sì ń ti ara ọmọ kan bọ́ sára èkejì láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Bí mo bá ní láti mú nǹkan kan ṣoṣo kúrò nínú ilé tí ìmpẹtígò ti wọ̀, òun ni. Ẹ ju ti àtẹ̀yìnwá nù; ọwọ́ àti ọṣẹ tó fún ìwẹ̀ títí egbò á fi jiná, lẹ́yìn náà kí kálukú ní tirẹ̀. Táwẹ́ẹ̀lì bákan náà.

Lẹ́yìn kàn-ìn-kàn-ìn, èékánná ló kàn. Abẹ́ èékánná ni kòkòrò ń gbà ti abẹ́ imú lọ sí orókún, tí ó sì ń gbà ti ara ẹ̀gbọ́n lọ sí ara àbúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gé e kúrú fún gbogbo ọmọ ilé, kì í ṣe fún èyí tó ní egbò nìkan. Egbò tó bá wà lápá tàbí lẹ́sẹ̀, ẹ fi báńdéèjì tàbí aṣọ mímọ́ bò ó lóru. Bí àyè bá wà, kí ọmọ náà sùn lórí ẹní tirẹ̀ fún ọjọ́ méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìrọ̀rí rẹ̀, aṣọ ìbora rẹ̀ àti aṣọ ilé ìwé rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn sí oòrùn kí wọ́n gbẹ dénú, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù lọ ohun tí áyọ́ọ̀nù lè lọ̀. Ọmọ náà kò ní lọ gẹrun ní sọ́ọ̀bù báábà títí egbò á fi gbẹ. Láràárọ̀, ẹ máa wo abẹ́ imú, ẹ̀yìn etí àti orókún àwọn ọmọ yòókù. Ó lè tó ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́wàá lẹ́yìn tí kòkòrò bá kàn wọ́n kí egbò tó yọ.

Ọwọ́ fífọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti gbọ́ gbọ́ títí tó ti sú wọn, ìwádìí ti wà lórí rẹ̀. Ní Karáṣì, ní orílẹ̀-èdè Pàkísítáánì, wọ́n fún àwọn ilé kan ní ọṣẹ, wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fọwọ́, wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn ilé tí kò rí gbà. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2005 ni pé ìmpẹtígò lára àwọn ọmọdé dín kù ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún nílé àwọn tó gba ọṣẹ. Ọṣẹ lásán ni, kò yàtọ̀ sí ti ọjà.

Nígbà mìíràn, gbogbo èyí á ti pé, egbò á tún padà lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ wo àárín ìka ọwọ́ ọmọ, ọrùn ọwọ́, ìgbáròkó àti ìdí rẹ̀. Bó bá ń yún gan-an lóru, tí àwọn mìíràn nínú ilé náà ń họra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èkúrú, ìyẹn kòkòrò tíntìntín tó ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ. Ọmọ á họ ọ́ bó, sitafilokọ́kọ́sì àti sitẹrẹputokọ́kọ́sì á gba ibẹ̀ wọlé. Ní erékùṣù Fíjì, wọ́n fún gbogbo ará àwọn abúlé kan ní oògùn èkúrú, afẹrimẹ́kítìn, láìfún wọn ní oògùn ìmpẹtígò kankan. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwọ̀n àwọn tó ní ìmpẹtígò ti wálẹ̀ láti ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 8. Bí èkúrú bá ti wà, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yan oògùn rẹ̀, kí gbogbo ará ilé sì lò ó lọ́jọ́ kan náà, títí kan ẹni tí ara rẹ̀ kò yún. Ẹnì kan tó bá fò ó ló máa dá a padà fún gbogbo wọn.

Ní ti ilé ìwé, ìlànà Ìlú Ọba ni pé kí ọmọ dúró sílé títí egbò á fi gbẹ tàbí títí wákàtí 48 á fi pé lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò. Ní Amẹ́ríkà, wákàtí 24 ni wọ́n sábà máa ń lò. Ọjọ́ méjì ni mo fara mọ́. Kí òbí sọ fún tíṣà, kó lè wo àwọn tó jókòó ti ọmọ náà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kí òbí máa ṣọ́ lẹ́yìn tí egbò bá ti jiná. Bí sitẹrẹputokọ́kọ́sì ló bá fà á, ó lè kan kíndìnrín ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn náà, nígbà tí gbogbo ilé ti gbàgbé. Kì í wọ́pọ̀, oògùn kò sì dáni lójú pé ó lè dènà rẹ̀ lára ọmọ tó ti ní in. Ojú ọmọ á wú láàárọ̀, pàápàá ìpéǹpéjú, ìtọ̀ rẹ̀ á sì dúdú bíi kóòkì tàbí tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Bí ẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì rántí sọ fún dókítà pé ọmọ yìí ní egbò lára lóṣù tó kọjá.